Sípíkà Kan Ṣoṣo, Àdúrà Ọjà Lọ́la: Bí A Ṣe Ń Tún Wáyà Wúfà Tó Já Ṣe

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í wọ́ sípíkà wá síwájú ìsọ̀ mi, tí yóò ní, "Ó ń tanná o, àmọ́ kò ké mọ́. Ṣé bátìrì ló kú ni?" Ìbéèrè kan náà yìí ti pọ̀ débi pé mo ní kí n jókòó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí iná bá ṣì ń tàn, tí ohùn tín-ín-rín kan ṣì ń jáde, ó ṣòro kó jẹ́ bátìrì. Nínú irú èyí, ohun tí mo sábà máa ń bá ni wáyà kékeré kan, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tó já lẹ́yìn wúfà, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn nínípọn jáde. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá balẹ̀ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Màá fi sípíkà Ìyá Ìbejì ṣàlàyé rẹ̀, torí pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà nínú tirẹ̀ gan-an.

## Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ìyá Ìbejì ń ta aṣọ ọmọdé ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi ní ọjà Alẹ́ṣinlóyè, n'Íbàdàn. Sípíkà onítáyà kan ló ní, irú èyí tó ní ọwọ́ tí à ń fà, tó ní bátìrì nínú, tó ń gba fúláàṣì àti máìkì. Òun ló fi ń kéde iye tó ń ta aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣe ń sún mọ́, sípíkà náà há kẹ̀kẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Àdúrà ọdọọdún tí àwa ará ìlà ìsọ̀ wa máa ń ṣe ló bọ́ sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì. Álífà á gbàdúrà, pásítọ̀ á gbàdúrà, sípíkà rẹ̀ ni gbogbo wa sì gbójú lé. Wọ́n pe àwọn tó ń fi sípíkà háyà, ṣùgbọ́n Sátidé ni, ìgbéyàwó ti kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ó wọ́ ọ wá bá mi. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí. Mo ti ṣèlérí."

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó ná. Ẹ tan án kí n gbọ́."

## Kí ẹ tó tú síkúrú kankan, ẹ gbọ́ ọ

Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ tan sípíkà, ẹ fi fúláàṣì orin sí i, ẹ gbé fólúùmù dé ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ wá tẹ́tí. Ohun tí ẹ bá gbọ́ ló máa sọ ibi tí ẹ máa wá lọ:

- Kò tanná rárá: bátìrì, fíúsì tàbí okùn iná ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohun tí mo kọ síbí kò kàn án.
- Ó ń tanná, fúláàṣì ń ka orin, àmọ́ kò sí ìró kankan níbikíbi: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀dù.
- Fúláàṣì ń ké dáadáa, máìkì nìkan ni kò ké: ẹ wo okùn máìkì àti ẹnu rẹ̀.
- Ohùn tín-ín-rín ń jáde, àmọ́ kò sí ìró ìlù, kò sí ohùn nínípọn: wúfà ló dákẹ́, bọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́.

Ti Ìyá Ìbejì bọ́ sí ìlà ìkẹyìn yìí. Nígbà tí mo tẹ etí mọ́ iwájú rẹ̀, mo ń gbọ́ orin náà lókèèrè bí ìgbà tí ẹ̀fọn ń kùn. Tuwítà ni, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde. Nígbà tí tuwítà bá ń ké, ẹ ti mọ̀ pé bátìrì wà láàyè, pé bọ́ọ̀dù ń gbé ohùn jáde, pé fúláàṣì ò níṣòro. Gbogbo iyàn ti tán. Wúfà ni, tàbí wáyà tó lọ síbẹ̀.

Mo rí i pé àwọn èèyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Wọ́n á lọ ra bátìrì tuntun, wọ́n á fi sí i, yóò sì dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Owó ti lọ.

## Àwọn nǹkan tí ẹ máa nílò

- Síkúrúdiráfà olórí àgbélébùú
- Bátìrì rẹ́mótì kan, fólíìtì 1.5, àti wáyà kékeré méjì
- Mítà, bí ẹ bá ní
- Àyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, ti wáàtì 40 tó, àti lẹ́ẹ̀dì rẹ̀
- Púláyà ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ àti abẹ́ kékeré
- Wáyà híhun láti ara wúfà tó ti kú
- Gúlúù àwọn tó ń ṣe bàtà, ìyẹn aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń rọ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ

Wáyà híhun yẹn ló ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá dojú wúfà délẹ̀, ẹ máa rí irin méjì ní ẹ̀gbẹ́ tí wáyà láti bọ́ọ̀dù wọ̀ sí. Láti ara irin méjì yìí, wáyà rírọ̀ méjì fò lọ sára bébà dúdú tó ń mì nígbà tí sípíkà bá ń ké. Kóònù là ń pe bébà náà. Wáyà rírọ̀ yìí kì í ṣe wáyà lásán. Bàbà tó fẹ́lẹ́ bí ìwé ni wọ́n wé mọ́ òwú, tí wọ́n wá hun pọ̀ bí irun dídì, kó lè máa jó lọ jó bọ̀ pẹ̀lú kóònù láìjá. Tí sípíkà bá ń ké, ó máa ń tẹ̀, ó máa ń nà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ ló ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ẹ lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń tún rédíò ṣe. Wúfà tí kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé sídìí kóònù, ti jó kò wúlò fún un mọ́, àmọ́ wáyà híhun ara rẹ̀ sábà máa ń dára síbẹ̀.

## Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta

Iná NẸ́PÀ. Ẹ yọ okùn ṣájà kúrò lára ògiri kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹ sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣájà wà nínú ọ̀pọ̀ sípíkà onítáyà. Kápásítọ̀ ńlá kan máa ń wà lórí bọ́ọ̀dù iná tó lè fi iná tó ju fólíìtì 300 pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ okùn. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù yẹn. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ò débẹ̀.

Bátìrì inú rẹ̀. Fólíìtì 12 kò lè gbé èèyàn, àmọ́ bí irin bá so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, wáyà á pọ́n, á sì jó ọwọ́. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ yọ wáyà dúdú kúrò lára bátìrì, kí ẹ fi téèpù wé ẹnu wáyà náà.

Òòfà. Ọ̀pọ̀ kì í rántí èyí. Òòfà tó wà ní ìdí wúfà lágbára gan-an. Bí ẹ bá mú síkúrúdiráfà sún mọ́ ọn, ó lè já a gbà lọ́wọ́ yín, kí ẹnu rẹ̀ sì gún kóònù ya. Nígbà tí ẹ bá ń tú síkúrú, ẹ fi ọwọ́ kejì bo kóònù, kí ẹ sì di síkúrúdiráfà mú nídìí ẹnu rẹ̀, kì í ṣe ní ìdí ọwọ́ nìkan. Mo ti rí wúfà tí wáyà nìkan já lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe wá dá ihò sí i lára.

## Bí a ṣe ń wá ibi tó já

1. Ẹ yọ wúfà jáde. Ẹ yọ àwọ̀n iwájú, ẹ tú síkúrú tó yí wúfà ká, kí ẹ rọra gbé e. Ẹ má fà á lójijì, wáyà láti bọ́ọ̀dù ṣì so mọ́ ọn lẹ́yìn. Kí ẹ tó yọ wáyà yẹn, ẹ fi bírò sàmì sí èyí tó wà lójú ìròpọ̀ (+). Ojú yìí sábà máa ń ní àmì pupa.

2. Ẹ fi bátìrì rẹ́mótì dán an wò. Ẹ fi wáyà kékeré kan ojú bátìrì méjèèjì mọ́ irin méjèèjì lára wúfà, lẹ́ẹ̀kan, wìrì, kí ẹ sì yọ ọ́. Bí wúfà bá yè, ẹ máa gbọ́ "kà", kóònù á sì mì díẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ má sì lo bátìrì tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ké "kà," wúfà ò níṣòro, wáyà tó ti inú bọ́ọ̀dù wá ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ti Ìyá Ìbejì kò sọ nǹkan kan.

3. Ẹ fi mítà wò ó, bí ẹ bá ní. Ẹ yí mítà sí óòmù. Wúfà tí wọ́n kọ 4Ω sí lẹ́yìn máa ń fi bíi 3.2 sí 3.6 hàn. Ẹni tí wọ́n kọ 8Ω sí máa ń fi bíi 5.5 sí 7 hàn. Bí nọ́ńbà kò bá jáde rárá, nǹkan kan ti já lójú ọ̀nà. Èyí ni mo rí.

4. Ẹ tẹ kóònù. Ẹ tẹ́ wúfà, kóònù sókè. Ẹ gbé ìka mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin àárín kóònù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀ bákan náà, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, ẹ máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ẹ ó sì rò pé ó ti há nígbà tí kò há. Bó bá ń lọ bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kọ́ìlì ṣì dára. Bó bá ń ha "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀" tàbí tó gan pa síbì kan, tàbí tí òórùn ìjóná ń bọ̀ láti ìdí rẹ̀, kọ́ìlì ti jó. Ẹ fò lọ sí apá "Bí kọ́ìlì bá ti jó" nísàlẹ̀.

5. Ẹ rọra gbé wáyà híhun méjèèjì. Ẹ mú igi ìtayín, ẹ fi gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè níbi tó ti so mọ́ irin àti níbi tó ti wọ kóònù. Ẹ ní kí ẹlòmíràn di mítà tàbí bátìrì mú nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ibi tí nọ́ńbà bá ti jáde lójijì, tàbí tó bá ti ké "kà", ibẹ̀ ló já.

Igi ìtayín ò pẹ́ kó tó fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn mí lára sípíkà Ìyá Ìbejì. Wáyà apá ọ̀tún jẹ́ híhun, ó wà pérépéré. Ti apá òsì kì í ṣe híhun rárá. Wáyà ṣájà fóònù ni ẹnì kan gé, tó fi rọ́pò rẹ̀, tó lọ́ ọ mọ́ ìdí wáyà àtijọ́ lẹ́bàá kóònù, tó sì fi téèpù dúdú wé e. Mo tú téèpù náà. Nínú rẹ̀, gbogbo fọ́nrán wáyà ti kán lójú kan, bí ìgbà tí èèyàn tẹ irin lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ títí tó fi dá. Rọ́bà ara rẹ̀ nìkan ló di méjèèjì mú.

Mo fi hàn án. Ó ní, "Háà! Ọmọ kan ló bá mi ṣe é lẹ́yìn ọdún Iléyá. Ó ní ó ti parí."

Ó ti parí lóòótọ́, fún oṣù mélòó kan. Wáyà lásán ò lè jó. Ó máa gbé ohùn dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ fi sí i, ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń gbà á gbọ́.

## Bí a ṣe ń fi wáyà híhun tuntun sí i

Nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. NẸ́PÀ ti mú iná lọ, a so àyọ́ọ̀nù mọ́ jẹnẹrétọ̀ aránṣọ tó wà lọ́wọ́ iwájú wa. Wúfà oníǹṣì 10 kan tí kọ́ìlì rẹ̀ ti jó wà lábẹ́ tábìlì mi, ara rẹ̀ ni mo ti gé wáyà híhun méjèèjì.

1. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ lára ẹnìkejì. Ẹ mú òwú ìránṣọ, ẹ tẹ̀lé ìkọ́ wáyà tó dára láti irin dé ara kóònù, pẹ̀lú bó ṣe tẹ̀ kọdọrọ. Ẹ má nà án gbọnrangandan. Ẹ fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà kún un ní orí méjèèjì fún lẹ́ẹ̀dì. Tirẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án.

2. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kan orí rẹ̀. Ẹ fi púláyà ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ di wáyà mú, kí ẹ jẹ́ kí orí tó yọ síta má ju mìlímítà mẹ́ta lọ, kí ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì kàn án. Ẹ fiyè sí èyí dáadáa. Wáyà híhun máa ń fa lẹ́ẹ̀dì mu bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bí kò bá sí púláyà tó máa mú ooru yẹn dúró, lẹ́ẹ̀dì á gùn ún lọ títí dé àárín. Ibi tó bá dé á gan, ibi tó bá gan náà ló máa kán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ti gan kọjá sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ gé e dànù, kí ẹ mú òmíràn.

3. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kóònù ṣáájú. Wáyà tín-ín-rín bí irun orí ló ti inú kọ́ìlì jáde wá pàdé wáyà híhun lára kóònù, lábẹ́ gúlúù dúdú. Ẹ má ṣe wà á dé ibẹ̀. Bí wáyà irun yẹn bá já mọ́ yín lọ́wọ́, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ fi ìdí wáyà híhun àtijọ́ sílẹ̀, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi abẹ́ ha ojú rẹ̀ kó mọ́, kí ẹ sì so tuntun mọ́ ọn. Mo gé páálí ṣúgà pẹlẹbẹ kan, mo tì í sábẹ́ ibẹ̀ kí ooru má bàa jó bébà. Ẹ fi àyọ́ọ̀nù kàn án, kí lẹ́ẹ̀dì yọ́, kí ẹ mú ọwọ́ kúrò. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Lẹ́ẹ̀dì tó mú dáadáa máa ń dán. Bó bá rí ràkọ̀ràkọ̀ bí eérú, ẹ tún un ṣe.

4. Ẹ so ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ irin. Bákan náà, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Irin yẹn sábà máa ń wà lórí páálí líle, ooru tó pọ̀ á jẹ́ kó mì.

5. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀. Ẹ ti kóònù lọ sísàlẹ̀ dé ibi tó bá lè dé, kí ẹ sì jẹ́ kó padà. Wáyà tuntun kò gbọ́dọ̀ nà tán, kò sì gbọ́dọ̀ kan kóònù tàbí irin ara wúfà. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ẹnìkejì rẹ̀.

6. Ẹ jẹ́ kí àyọ́ọ̀nù tutù, kí ẹ tó ṣí gúlúù. Gúlúù oníbàtà máa ń gbaná wìrì, òórùn rẹ̀ pàápàá máa ń gbaná. Ẹ pa àyọ́ọ̀nù, ẹ gbé e jìnnà, ẹ wá síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ fi igi ìtayín tọ́ gúlúù kékeré sórí ibi tí ẹ ti so wáyà lára kóònù, kí ojú lẹ́ẹ̀dì lè lẹ̀ mọ́ kóònù, kí wọ́n máa mì pọ̀. Gúlúù tó ń gan bí dígí kò dára níbí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan ó kéré tán.

Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun. Lẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ohun tí à ń fi sẹ́nu.

Bí ẹ kò bá rí wáyà híhun gbà lálẹ́ ọjọ́ náà, wáyà bàbà híhun tí àwọn atúnrédíòṣe fi ń fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò lára bọ́ọ̀dù lè dípò rẹ̀. Mo ti lò ó rí, ó sì gbé ètò ọjọ́ kan já. Àmọ́ kò ní òwú nínú, kì í pẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

## Ẹ dán an wò kí ẹ tó dì í

Nígbà tí gúlúù gbẹ, mítà fi 3.4 hàn. Mo fi bátìrì rẹ́mótì kàn án, ó ké "kà", Ìyá Ìbejì sì pàtẹ́wọ́. Mo ní kó dúró ná, kò tíì tó.

Bátìrì yẹn tún ń sọ nǹkan mìíràn fún yín. Bí ojú ìròpọ̀ bátìrì bá wà lára ojú ìròpọ̀ wúfà, kóònù gbọ́dọ̀ yọ síta. Bó bá wọlé, àmì yín ti yí padà. Ní sípíkà kan ṣoṣo kò ní ba nǹkan jẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi sípíkà kejì tì í, ìró ìlù wọn á máa pa ara wọn.

Ẹ so wúfà padà mọ́ wáyà bọ́ọ̀dù láì tíì dè é sínú àpótí. Ẹ so wáyà dúdú bátìrì padà. Ẹ lo bátìrì nìkan, ẹ má so okùn NẸ́PÀ mọ́ ọn nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà:

- Fólúùmù ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn èèyàn ni kí ẹ fi sí i.
- Fólúùmù ní ìdajì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orin tó ní ìlù.
- Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo wáyà híhun láti ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń jó.
- Ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí òórùn ìjóná.

Ní ìdajì yẹn, mo gbọ́ "tàà-tàà-tàà" kékeré kan tó ń tẹ̀lé ìlù. Wáyà tuntun ló ń gbá kóònù. Mo pa á, mo fi igi ìtayín tẹ ìkọ́ rẹ̀ síta díẹ̀, mo tan án padà, ìró náà lọ. Ká ní mo ti dì í pa ni, a ò bá tún un tú lórí ìdúró nígbà tí álífà ti wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dì í, ẹ yọ wáyà dúdú bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ rí i pé rọ́bà tàbí fóòmù tó yí ẹnu ihò ká wà lójú ààyè rẹ̀. Ẹ mú síkúrú kan, kí ẹ mú èyí tó dojú kọ ọ́ lódìkejì, kí ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀, kí wúfà lè jókòó bákan náà. Bí atẹ́gùn bá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ máa gbọ́ ìró fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ nígbà tí ìlù bá lọ sísàlẹ̀. Ẹ so bátìrì padà tán kí ẹ tó ti àpótí. A parí ní aago mẹ́sàn-án kọjá lálẹ́.

## Bí kọ́ìlì bá ti jó

Bó bá jẹ́ pé kóònù ń ha tàbí tí òórùn ìjóná ń bọ̀, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí wáyà. Ohun tí ẹ lè ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́ nìyí:

- Ẹ wá wúfà mìíràn tí ìwọ̀n íǹṣì rẹ̀ bá ihò yẹn mu. Óòmù rẹ̀ ni kí ẹ wò. 4 fún 4. Bí 8 nìkan ni ẹ rí, ẹ lè lò ó ní ipò 4, ohùn rẹ̀ á kàn relẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi 2 sí ipò 4 láéláé, bọ́ọ̀dù lè jó.
- Bí ẹnì kan bá ní sípíkà tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kú àmọ́ tí wúfà rẹ̀ yè, ẹ yá wúfà náà.
- Tuwítà nìkan lè gbé ohùn fún èèyàn mẹ́wàá tó jókòó nítòsí. Ẹ má gbé fólúùmù rẹ̀ sókè kí gbogbo ìjókòó lè gbọ́, òun náà á jó.

## Àṣìṣe tí mo ń rí lemọ́lemọ́

Fífi wáyà lásán rọ́pò wáyà híhun ni àkọ́kọ́, mo ti sọ ọ́. Èkejì ni kí wọ́n máa fa wáyà tó já títí tó fi dé irin. Ẹ rí i pé ó ti já níbi irin, ẹ sì rò pé ó ṣẹ́kù díẹ̀ kó dé, ẹ fà á, ẹ sì jó o mọ́ ọn. Ó máa ké. Àmọ́ ó ti nà tán, kóònù ò lè yọ síta mọ́ láìfa wáyà irun inú kọ́ìlì. Lọ́jọ́ tó bá já, ó ti kọjá wáyà híhun.

Ẹ̀kẹta ni fólúùmù. Nígbà tí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, tí ẹni tó ni ín á rò pé kò ké tó, á sì tún gbé e sókè. Ohùn tó ń fọ́ yẹn ń mú kọ́ìlì gbóná ju ohùn tó mọ́ lọ. Bó bá ti ń fọ́, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ lọ ṣájì rẹ̀.

## Àárọ̀ Sátidé

Ìyá Ìbejì ti ṣájì rẹ̀ mọ́jú. Mo gbé sípíkà náà sórí bẹ́ǹṣì kí ohùn lè kọjá orí àwọn tó jókòó níwájú, dípò ká gbé fólúùmù sókè. A ní kí álífà dúró sẹ́yìn sípíkà, kì í ṣe níwájú rẹ̀, kí máìkì má bàa máa han "fíìì." Ìdajì ni fólúùmù wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà ìsọ̀ sì ń ṣe àmín.

Wáyà híhun kejì tí mo gé lára wúfà àtijọ́ ṣẹ́kù. Mo wé e sínú nálọ́ọ̀nù, mo sì ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí náà, lápá òsì, kí ẹni tó bá tún tú u lè rí i kó tó wá wáyà ṣájà lọ.